Kò sí "o kú" fún èyí

Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwa Yorùbá, kí ni a kò ní ìkíni fún? Ẹni tó jókòó, a ní ó kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ó kú ìdúró. Òjò ń rọ̀, ẹ kú òjò. Oòrùn mú, ẹ kú oòrùn. Bí a bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, a ní ẹ kú ewà. Bí èèyàn bá kú, a ní ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú aráfẹ́rakù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi tú ká nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré kí ó wáyé, mo gbé fóònù, mo tẹ "o kú", mo sì dúró síbẹ̀. O kú kí ni? Ẹ sì mọ bí "o ku" tí kò ní àmì ohùn ṣe máa ń rí lójú fóònù.

"Pẹ̀lẹ́" wà, òótọ́ ni. Àmọ́ pẹ̀lẹ́ yìí kan náà là ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ.

Mo pa ohun tí mo tẹ̀ rẹ́, mo kọ òmíràn: "Bọ́sẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" (Bọ́sẹ̀ kọ́ ni orúkọ rẹ̀.) Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Mi ò rí ìkíni, mo bá fi ìbéèrè dípò rẹ̀. Ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

## Ọjọ́ méjìlá

Ọjọ́ méjìlá ni kò fi dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta, mo pè é lẹ́ẹ̀meje. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mo ń sọ bí ọkàn mi ṣe pòrúùrù tó nítorí tirẹ̀. Àmì méjì náà yí padà sí búlúù, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá di ẹni tó ń ṣọ́ ìgbà tó wọlé kẹ́yìn. Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́rin òwúrọ̀. Mo mọ ìgbà tó sùn àti ìgbà tó jí bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹgẹ́ lóko, mo sì ń pe èyí ní ìfẹ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo pe ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn.

Mo ní kí n ṣàlàyé ara mi, ṣùgbọ́n kò sí àlàyé kan tó dára níbẹ̀. Ẹ̀rù ni ó bà mí, mi ò sì fẹ́ kí n nìkan gbé e. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Bọ́sẹ̀, kò gbé ìpè mi." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Màmá ti wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àbúrò wọn méjì, wọ́n sì jókòó yí ọmọ wọn ká nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Òjòó, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí èsì àkọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ìwọ lo pe Màmá?"

Mo dáhùn pé èmi ni. Mo ní kó má bínú. Mi ò fi "ṣùgbọ́n" kankan tẹ̀ lé e, ó sì jọ pé òun nìkan ni ohun tí mo ṣe dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

## Àpò Gáná-mọ́sì-gò

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ ọ̀rọ̀ mìíràn ránṣẹ́. Ó pẹ́ mi lọ́wọ́ ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kúrú jù: "Màá yà lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin, láti wá gba aṣọ mi. Bí ara rẹ kò bá gbé àlejò, gbé e fún Ìyá Ṣadé ní yàrá kejì, màá gbà á lọ́wọ́ wọn. Má dá èyí lóhùn."

Aṣọ ẹbí ni. Àńkárá ni a mú, mo sì ti sanwó tèmi láti oṣù kìíní. Mi ò nílò aṣọ kankan lọ́jọ́ náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwáwí tó dára máa ń bo ojú èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ṣílẹ̀kùn, aṣọ ni mo wá gbà, kì í ṣe òun ni mo wá yẹ̀ wò. Bí kò bá ṣí i, kò lé ọ̀rẹ́ rẹ̀, aṣọ ló gbé fún Ìyá Ṣadé. Mo sì sọ aago tí mo ń bọ̀, nítorí ẹni tí ojú ń tì kò fẹ́ kí a já wọlé bá òun pẹ̀lú ìró àti bùbá ọjọ́ mẹ́ta lára.

Ó ṣílẹ̀kùn.

Mo gbé ẹ̀kọ mẹ́fà àti mọ́ínmọ́ín eléwé tí mo rà ní Bódìjà sílẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò ní kó jẹun. Ó ti rù. Fóònù rẹ̀ wà lórí fíríìjì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń gbọ̀n lemọ́lemọ́ bí kòkòrò tí a dé igbá lé. Ní igun pálọ̀, lẹ́bàá wíńdò, àpò Gáná-mọ́sì-gò ńlá kan wà níbẹ̀, aṣọ ló kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu.

Fóònù náà tún gbọ̀n. Mo wò ó, òun náà wò ó. Ó ní, "Aṣọ ni gbogbo wọn ń bi mí."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ohun tí mi ò bá má gbọ́ láé ká ní mo ń bi í ní kí ló ṣẹlẹ̀. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti sanwó aṣọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦390,000 lápapọ̀. Ó ti fi ₦11,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ra àńkárá. Gèlè ni ₦3,500 tó kù wà fún, kò sì tíì rà á. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wọ́n ń pè. Bí wọ́n sì ṣe ń pè ni pé wọ́n á kọ́kọ́ ní, "Pẹ̀lẹ́ o, kí ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀?" wọ́n á wá fi "aṣọ wa ńkọ́?" gbè é lẹ́yìn. Kò lè dáhùn èkejì láìjẹ́ pé ó dáhùn èkíní. Ó bá dákẹ́ lórí méjèèjì, àti lórí èmi náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Mo ti rò pé ẹkún ìfẹ́ nìkan ló wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Owó wà níbẹ̀, ojútì wà níbẹ̀, orúkọ tí ó ní láti dáàbò bò wà níbẹ̀. Ìyapa àwọn tó ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn méjì mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti dá owó sí i ló gbà pé wọ́n jẹ òun ní àlàyé.

Mo ní, "Gbé ìwé orúkọ yẹn wá. Ṣé kí n bá ọ pè wọ́n?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Kí lo máa sọ fún wọn?"

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹnu ọ̀nà náà. Kí n bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le rárá níbẹ̀. Mo tilẹ̀ lè sọ pé, "Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ìtàn náà kí n tó lè dáhùn wọn." Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

Ó ronú pẹ́. Ó ní, "Sọ pé ìgbéyàwó kò wáyé mọ́. Má fi nǹkan kan kún un."

A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Lẹ́yìn náà, a tú aṣọ sílẹ̀, a ń kà á, a ń ká a. Níbi tí a ti ń ká a ló ti ní, "Òun ló yan àwọ̀ yìí." Ìbéèrè bí i méje ló sáré wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Àwọ̀ náà dára." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mi ò dìde lọ dì mọ́ ọn, torí mo mọ̀ ọ́n, kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun bó bá ń sunkún. Mo ń ká aṣọ lọ, mo ń ka iye. Lójijì ó ní, "O ti ka márùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀mejì." Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

A jẹ mọ́ínmọ́ín ní nǹkan bí aago méje. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì.

## Àǹfààní àìmọ̀

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta pe àwọn èèyàn náà. Gbólóhùn kan yẹn ni mo ń sọ, màá wá béèrè bóyá aṣọ pẹ̀lú owó gèlè ni wọ́n fẹ́ tàbí owó wọn lódindi. Ọ̀pọ̀ wọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n kan, tó jẹ́ ìbátan bàbá Bọ́sẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi: "Ìwọ tó o jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, o ò lè sọ fún mi pé o ò mọ̀." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀." Òótọ́ sì ni. Kò sí ohun tí wọ́n lè fà yọ lẹ́nu mi, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, màá jẹ́ kó hàn nínú ohùn mi, bóyá nínú ìmí ẹ̀dùn kan, bóyá nínú "ẹ ṣáà jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀." Ohùn nìkan ti tó fún ẹni tó ń wá òfófó.

Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni kéèyàn má tọ pinpin, pé à ń ṣe é kí inú má bàa bí ẹni. Mo wá rí i pé àìmọ̀ mi gan-an ni ó mú kí n wúlò. Bọ́sẹ̀ lè rán mi níṣẹ́ láìbẹ̀rù, nítorí ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi tán: gbólóhùn kan, ìwé orúkọ kan.

Àwọn bàbá wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí àrokò wà, ẹni tí a rán kò ní láti mọ ohun tó gbé dání. Wọ́n lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn, ẹni tó gbà á á sì gbọ́ "fà" nínú "ẹfà": ọkàn mi fà sí ọ. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀; tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò béèrè nǹkan kan. Ó dé, o rí i, o mọ̀ pé ẹnì kan rántí rẹ. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni wàá fèsì.

Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú fífi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́: àgbàdo tútù àkọ́kọ́ tí mo rí ní Mọ́kọ́lá, ológbò kan tó sùn sórí ọ̀kadà. Mo dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí kí ó má bàa di pé gbèsè èsì tún ń pọ̀ sí i lọ́rùn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ mọ nǹkan, mo ń béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" á tán: "Mo ń lọ sọ́jà, ṣé kí n ra ata sí i fún ọ?" Ìgbà mìíràn kò dáhùn, n kò sì mẹ́nu bà á nígbà tí a bá rí ara wa. Ní ti orúkọ ọkùnrin yẹn, mo jẹ́ kó jẹ́ òun ló ń kọ́kọ́ dá a, mi ò sì bú u bá a. Mo ti rí àwọn tí wọ́n padà sọ́dọ̀ ara wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ojú wá ń ti ọ̀rẹ́ tó ti fi gbogbo ẹnu bú àna.

## Ìbéèrè kan tí kì í ṣe òfófó

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ń ṣa ẹ̀wà nílé rẹ̀, ó wá ní, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, "Bí mo bá sùn tí mi ò jí, kò ní burú."

Títọ pinpin ni kéèyàn béèrè ohun tó máa tẹ́ etí ara rẹ̀ lọ́rùn. Èyí yàtọ̀. Mo gbé atẹ sílẹ̀, mo ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé èrò pé kí o pa ara rẹ ti ń wá sí ọ lọ́kàn?" Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, mi ò fi àdàpè kankan bò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí a tọ́ wa dàgbà pé ohun tí a bá fi ẹnu pè ni í jẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a bi èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan bèèrè.

Ó ní ó ti ń wá, ní òru. Mo bi í bóyá ó ti ro bí ó ṣe máa ṣe é àti ìgbà tó máa ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ewu ti ń le sí i. Ó ní rárá, ó kàn rẹ òun ni. Mi ò ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Èmi nìkan kò lè dá èyí gbé. Ta lo fẹ́ kó mọ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ohun kan náà ni mo ṣe nígbà tí mo pe Màmá ní Ìsẹ́yìn àti ìgbà yìí, ìpè lórí fóònù ni méjèèjì. Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, òun ló yan ẹni tí a ó pè, ó sì jókòó tì mí nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn méjèèjì lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Oríta Mẹ́fà.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti ní dókítà ọpọlọ, Aró ló ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ so èèyàn mọ́lẹ̀. Aró gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí Aró ká ní Abẹ́òkúta, ẹbí kan á sì bá aláìsàn wá, á máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, á máa dáná fún un, á máa mú un wá gba ìtọ́jú. Mo ń ro ẹbí yẹn nígbà mìíràn. Dókítà ló ń béèrè ìbéèrè. Ọbẹ̀ ni ti ẹbí.

Dókítà náà béèrè oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, bóyá ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn, bóyá ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn. Ohun tó tún sọ fún dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

## Aṣọ

Èèyàn mẹ́tàdínlógún gba aṣọ wọn pẹ̀lú ₦3,500 owó gèlè. Mẹ́sàn-án gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọn padà. Ìyá tó tà á fún wa ní Gbági gba àńkárá mẹ́sàn-án náà padà ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó ti ṣe ìyọnu díẹ̀, ₦22,500 ló wá ku ẹni tí yóò san án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san án. Bọ́sẹ̀ fa ìlà sórí gbogbo orúkọ náà, ó ya ojú ìwé yẹn, ó sì fi dáná sítóòfù.

Tèmi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Kí n rán an, ó jọ ìkà. Kí n fún ẹlòmíràn, ó jọ ìkà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀. Ìsọ̀ télọ̀ ni. Ó wọ àńkárá yẹn, wọ́n ti rán an sí búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣojú wíwọ́ sí dígí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé tèmi lọ fún télọ̀ lọ́jọ́ Túsìdé. Ó ní irú wo ni mo fẹ́. Mo fi fọ́tò náà hàn án.